Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìyapa: ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ni mo tún padà sí?

Ìrì Òwúrọ̀: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ gbọ́ ìrírí àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn rí. Ọdún mẹ́rin ni èmi àti ẹni tí mo ń fẹ́ fi wà pọ̀, ó sì di oṣù kẹjọ báyìí tí a ti pínyà. Mo ti kà nípa ìpele márùn-ún tí ọ̀fọ̀ ní: àìgbà pé ó ṣẹlẹ̀, ìbínú, ìdúnàádúrà, ìrẹ̀wẹ̀sì àti gbígba kámú. Mo rò pé mo ti dé ìkarùn-ún, nítorí ó tó oṣù méjì tí n kò ti sunkún mọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, mo ki ọwọ́ bọ inú báàgì kan tí n kì í sábà gbé, ọwọ́ mi sì ba kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ tí mo gbàgbé láti dá padà. Orí ilẹ̀ ni mo jókòó sí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ náà ní àtẹ́lẹwọ́ mi títí ilẹ̀ fi ṣú, inú sì ń bí mi bí ẹni pé àná ló lọ.

Adúróṣinṣin: O kò tíì dé ìkarùn-ún rárá. Ńṣe ni o fo ìbínú, ìbínú sì padà wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó ní láti tẹ̀lé ara wọn.

Àgbà Olùtọ́jú: Àbúrò mi Adúróṣinṣin, òótọ́ ni pé ìbínú tí a bò mọ́lẹ̀ lè padà wá, ṣùgbọ́n ti pé ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ara wọn yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn aláìsàn tí ikú ti sún mọ́ ni Dókítà Elisabeth Kübler-Ross bá sọ̀rọ̀ kí ó tó kọ ìpele márùn-ún náà sínú ìwé rẹ̀ ní 1969, kì í ṣe àwọn tí olólùfẹ́ fi sílẹ̀. Nínú ìwé tí òun àti David Kessler jọ kọ, èyí tó jáde ní 2005, wọ́n sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń la gbogbo rẹ̀ kọjá, àti pé wọn kì í tò tẹ̀lé ara wọn. Nínú iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn tí mo ń ṣe, ìdúnàádúrà ni mo rí i pé ó ń dá àwọn tí wọ́n pínyà dúró jù lọ. Òkú kì í fèsì, ṣùgbọ́n ẹni tó fi wá sílẹ̀ ṣì lè fèsì.

Ọ̀nà Jíjìn: Ọ̀rọ̀ yìí bá mi lọ́kàn. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi dúnàádúrà láìmọ̀. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i pé, “Mo kàn ní kí n kí ọ ni.” Ìgbà mẹ́ta, mẹ́rin lè kọjá kí ó má fèsì, kí ó wá fèsì lẹ́ẹ̀kan pé, “Mo dúpẹ́, ìwọ náà ńkọ́?” Ìdáhùn kan ṣoṣo yẹn ni mo fi ń gbé ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Àgbà Olùtọ́jú: Ìdáhùn tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yẹn gan-an ló le jù. Ká ní kò fèsì rárá ni, ọkàn yín ì bá ti jáwọ́.

Ọmọ Olóye: Ìyàwó mi kó jáde ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Irú àtẹ̀jíṣẹ́ wo ni mo lè kọ tí yóò fi padà?

Ọ̀nà Jíjìn: Ọ̀gbẹ́ni, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ibi tí mo wà fún oṣù mẹ́sàn-án nìyẹn.

Adúróṣinṣin: Ẹ jẹ́ kí gbogbo yín pa nọ́ńbà wọn rẹ́, kí ọ̀rọ̀ tán.

Ìyá Ọmọ Méjì: Ó rọrùn fún ẹ láti sọ. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ nípa ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan ni mo ń kọ, ọ̀sán ni mo sì ń kọ ọ́, nítorí pé òru ni ẹnu mi máa ń yọ̀.

Adúróṣinṣin: Ẹ má bínú, mà, n kò ro ti ọmọ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bímọ kò ní àwáwí.

Àgbà Olùtọ́jú: Ìrì Òwúrọ̀, ìbínú rẹ kò bà mí lẹ́rù, nítorí ohun kan ló fà á, yóò sì rọlẹ̀. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí o kò lè sùn, tí oúnjẹ kò wọlé, tí ohunkóhun kò sì wù ọ́ mọ́, dókítà ni kí o lọ rí. Bí ó bá sì jẹ́ èrò ikú ló ń wá, má ṣe dúró rárá. Kí ni o fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ náà ṣe?

Ìrì Òwúrọ̀: Mo ń sùn, mà, mo sì ń jẹun. Mo fẹ́ lọ fún un lọ́wọ́ ni. Mo tilẹ̀ ti kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà, n kò kàn tíì fi ránṣẹ́.

Ọ̀nà Jíjìn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún wa.

Ìrì Òwúrọ̀: “Kọ́kọ́rọ́ rẹ wà lọ́wọ́ mi. Ìgbà wo ni màá bá ọ nílé?”

Ìyá Ọmọ Méjì: Kò dìgbà tí o bá bá a nílé kí o tó dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Adúróṣinṣin: Ohun olóhun ni, ó yẹ kí ó dá a padà.

Ìrì Òwúrọ̀: Mo ti pa gbólóhùn kejì rẹ́. Àbúrò mi ni yóò bá mi mú un lọ lọ́la.