Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọ́pdéètì oṣooṣù fún sáfà ọ́fíìsì wa

ọmọ_Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀gá wa ní kí n gbé ètò ọ́pdéètì oṣooṣù wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Sáfà mẹ́rin, àwa mẹ́ta. Kí lẹ máa ń ṣe, báwo lẹ sì ṣe ń padà sẹ́yìn bó bá bàjẹ́? Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọ̀rẹ́_Pẹ́ńgúìnì
Àbúrò, Ubuntu ni tiwa. `unattended-upgrades` ló ń bá wa ṣe é lóru, àwa á sì máa sùn. Ẹ gbé e síbẹ̀, ẹ lọ sinmi.

ọmọ_Mọ́kọ́lá
Ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ ọ́. Windows Server 2022 ni gbogbo wọn, orí Hyper-V ni wọ́n wà.

Sàǹgó_Ọ̀nà
Kò le rárá. Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń kó o jáde, aago mẹ́fà tàbí méje ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ fi sí gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀, ẹ yọ ọ́:

```
wusa /uninstall /kb:5035857
```

Ó parí. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Àdúnní_Wáyà
Kẹ́ ẹ tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Lọ́fíìsì tí mo ti kúrò, a máa ń ya ṣẹ́kípọ́ìntì, ìyẹn ibi tí sáfà lè padà sí bó bá bàjẹ́, sórí sáfà kọ̀ọ̀kan ká tó fi ọ́pdéètì sí i. Ohun tó yẹ ká ṣe náà nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé kan a ya á, ọ́pdéètì wọlé wẹ́rẹ́, gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́, a tilẹ̀kùn, a lọlé. Kò sẹ́ni tó rántí pa ṣẹ́kípọ́ìntì yẹn rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kò sí fáìlì tó ṣí, kò sẹ́ni tó lè wọlé. Mo ṣí Hyper-V, mo rí `Paused-Critical` níwájú sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fáìlì `.avhdx` tí ṣẹ́kípọ́ìntì ń kọ nǹkan sí ti wú títí ó fi gba gbogbo àyè tó kù lórí dísìkì. Èyí tó wá bà mí lẹ́rù ni pé àyè ni pípa á rẹ́ náà ń fẹ́, torí wọ́n gbọ́dọ̀ dà á padà sínú dísìkì àkọ́kọ́. Àwọn fáìlì ISO àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ kó kúrò kí n tó rí àyè. Ìdàpọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, aago mẹ́rin kọjá kó tó parí, gbogbo òṣìṣẹ́ sì jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń wò mí.

Sàǹgó_Ọ̀nà
Ìdí tí èmi kì í fi í ya á rárá nìyẹn.

Ìlẹ̀kẹ̀_Dátà
Yéè, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwa náà! Ti SQL ni tiwa. Àǹtí Àdúnní, báwo ni dísìkì yẹn ṣe tóbi tó?

Àdúnní_Wáyà
Tẹ́rá méjì ni. Kò sí bó ṣe lè tóbi tó tí kò ní kún bẹ́ẹ bá gbàgbé. Fáìlì ṣíṣí ṣáá kọ́ ló ń mú un wú. Gbogbo ohun tí sáfà bá kọ láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ya á ni, títí kan bákọ́ọ̀pù tó ń kọ sínú ara rẹ̀ lálaalẹ́.

Ìlẹ̀kẹ̀_Dátà
A jẹ́ pé kí gbogbo wa jáwọ́ nínú ṣẹ́kípọ́ìntì ni.

Bàbá_Rákì
Ẹ má jáwọ́ níbẹ̀. Ohun tó ṣe Àdúnní ni pé kò sẹ́ni tí wọ́n yan pé kó pa á rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ ìparẹ́ mọ́ orúkọ rẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ bá ti ń ya á, kí ẹnì kan sì máa wo èyí ní gbogbo Mọ́ńdè:

```
Get-VM | Get-VMSnapshot | Select-Object VMName, Name, CreationTime
```

Bó bá gbé nǹkan kan jáde, iṣẹ́ ò tíì parí nìyẹn.

Sàǹgó, ìmọ̀ràn rẹ kò ní ṣiṣẹ́ lórí 2022. Wọ́n ti di ọ́pdéètì oṣù pọ̀ mọ́ ohun tó ń gbé e wọlé sínú àpò kan ṣoṣo, `wusa` kì í sì í lè yọ àpò yẹn. DISM lẹ máa lò:

```
DISM /online /get-packages
```

Ẹ wá èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Package_for_RollupFix` tó sì jẹ́ ti oṣù yẹn, ẹ da odidi orúkọ rẹ̀ kọ, kẹ́ ẹ fi `/remove-package` yọ ọ́. Ṣùgbọ́n sáfà tó ṣì lè dìde nìyẹn wúlò fún. Èyí tí kò bá dìde mọ́, ṣẹ́kípọ́ìntì tàbí bákọ́ọ̀pù ló máa gbà yín.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, kí ni sáfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣe? Ṣé orí ẹ̀rọ kan náà ni gbogbo wọn wà?

ọmọ_Mọ́kọ́lá
Ẹ̀rọ kan ni, sà. PRINT01, FILE01, AKANTI01, àti DC01, sáfà dòméènì tí gbogbo èèyàn ń gbà wọlé. DC01 nìkan la ní.

Bàbá_Rákì
A jẹ́ pé márùn-ún ni wọ́n, wọn kì í ṣe mẹ́rin. Ẹ̀rọ tó gbé wọn dání náà ń fẹ́ ọ́pdéètì, bó bá sì rísítáàtì, gbogbo wọn ló máa bá a lọ. Òun ni kẹ́ ẹ fi kẹ́yìn, nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti dúró dáadáa.

PRINT01 ni kẹ́ ẹ fi dán an wò lọ́jọ́rú, torí bó bá bàjẹ́, èèyàn á ṣì rọ́gbọ́n dá. Àwọn yòókù, ó di Sátidé. Ti akáǹtì, ẹ fi `Export-VM` ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí dísìkì mìíràn, kẹ́ ẹ gbé ẹ̀dà náà dìde láìfi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan sí i, kó má baà bá ojúlówó jà. Ẹ fi ọ́pdéètì sí ẹ̀dà yẹn, kẹ́ ẹ pe ẹni tó ń lo akáǹtì wá kó fúnra rẹ̀ wọlé, kó ṣí oṣù tó kọjá, kó gbé ìnfọ́ìsì kan jáde. Ojú tiyín kò tó. Ẹ ò mọ ibi tó máa ń tẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe: ẹ rísítáàtì sáfà kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun sí i. Sáfà tó ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù méjì lè ní àìsàn tẹ́lẹ̀. Bí kò bá dìde ní ìrísítáàtì àkọ́kọ́ yẹn, ẹ ti mọ̀ pé ọ́pdéètì kọ́ ló pa á, ẹ ò sì ní fi òru mọ́jú wá ẹ̀ṣẹ̀ síbi tí kò sí.

Sàǹgó_Ọ̀nà
Mo ti gbọ́ ti DISM, ẹ ṣé sà. Ṣùgbọ́n ká máa dúró dé Sátidé, ewu ni. Ṣé ẹ ti gbàgbé WannaCry ni?

Bàbá_Rákì
Mi ò gbàgbé. Ọ́pdéètì tó dí ihò yẹn jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Máàṣì 2017, ìkọlù náà sì dé ní ọjọ́ 12 oṣù Mée. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì. Ẹni tó ń ṣe é lóṣooṣù, kódà bó pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ti bọ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Jánúárì 2022 ẹ̀wẹ̀, ọ́pdéètì tó jáde mú kí sáfà dòméènì máa rísítáàtì láìdáwọ́ dúró, ọjọ́ 17 ni àtúnṣe tó dé. Ẹni tó yára lálẹ́ ọjọ́ náà ló jìyà rẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀_Dátà
Ẹ jẹ́ á kúkú máa dúró ọ̀sẹ̀ méjì nígbà náà.

Ìyá_Ìṣirò
Akáǹtì ni mo ń ṣe, mi ò mọ sáfà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Ìṣẹ́gun kejì kì í kọjá láàárín ọjọ́ 8 sí 14. Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn bọ́ sí 12 sí 18. Bẹ́ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, ó di 19 sí 25. Ọjọ́ 21 la gbọ́dọ̀ ti fi ìwé VAT ránṣẹ́, owó oṣù sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ bá ba akáǹtì jẹ́ níbẹ̀, àwa la máa gba èébú. Sátidé àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ mú.

Bàbá_Rákì
Ìyá, ẹ ṣeun. Èyí gan-an ló yẹ kó pinnu ọjọ́.

Ìlẹ̀kẹ̀_Dátà
Ti Máàṣì 2024 ńkọ́? Ọjọ́ 12 ló jáde, `lsass.exe` ń jẹ mẹ́mọ́rì sáfà dòméènì díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi ń ṣubú, àtúnṣe ò dé títí di ọjọ́ 22. Sátidé àkọ́kọ́ á ti kó o sínú ilé. KB5035857 tí Sàǹgó kọ lókè yẹn ni.

Bàbá_Rákì
Òótọ́ ni. Ọ́fíìsì tó ní sáfà dòméènì méjì, ọ̀kan ló máa ń fi sí lákọ̀ọ́kọ́, á máa wo mẹ́mọ́rì rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó kan ìkejì. Ẹni tó ní ẹyọ kan kò ní àǹfààní yẹn. Tèmi ni pé kí DC01 dúró fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn àwọn yòókù, òru ni kẹ́ ẹ ṣe é, pẹ̀lú bákọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ ti dán wò. Ẹlòmíràn lè má gbà pẹ̀lú mi.

Àdúnní_Wáyà
Mi ò gbà. Òun ni gbogbo ọ̀nà gbà kọjá, òun ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dí ihò rẹ̀.

Ọ̀rẹ́_Pẹ́ńgúìnì
Iná ńkọ́? Ẹ má fi ọ́pdéètì sí sáfà lórí ínfátà tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tó ń kọ `Working on updates`, ẹ ó jókòó síbẹ̀ di àárọ̀.

Bàbá_Rákì
Ó tọ̀nà. Kí jẹnẹrétọ̀ wà lórí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fohùn ṣọ̀kan lórí aago ìpadàsẹ́yìn: bí sáfà kan kò bá tíì dìde ní aago mẹ́rin, ẹ dá a padà, ẹ má sọ pé ẹ ṣì ń wò ó. Bó bá sì dìde, orí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ ni kẹ́ ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wọlé bí òṣìṣẹ́, ẹ ṣí fáìlì kan, ẹ kọ nǹkan sí i, ẹ tẹ ìwé kan jáde.

ọmọ_Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Wọn ò gbà láti ra dísìkì tuntun, torí náà kò ní sí ẹ̀dà AKANTI01. Wọn ò gbà Sátidé náà, torí owó dísù, alẹ́ Ẹtì ni. PRINT01 lọ́jọ́rú, yòókù lálẹ́ Ẹtì. DC01 á wà lára wọn, ọ̀gá ní òun ò fẹ́ sún un síwájú. A ó rísítáàtì kọ̀ọ̀kan lákọ̀ọ́kọ́, aago ìpadàsẹ́yìn wa ni mọ́kànlá alẹ́.

Bàbá_Rákì
Gbogbo ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, láìsí ẹ̀dà akáǹtì? Ẹ rí i dájú pé bákọ́ọ̀pù akáǹtì ṣí lórí ẹ̀rọ mìíràn kẹ́ ẹ tó kàn án. Kì í ṣe pé ó kàn wà níbẹ̀, kó ṣí.

ọmọ_Mọ́kọ́lá
A ó ṣe bẹ́ẹ̀, sà.

Àdúnní_Wáyà
Ta ló máa pa ṣẹ́kípọ́ìntì rẹ́ ní Mọ́ńdè?

ọmọ_Mọ́kọ́lá
Èmi ni. Mo ti kọ orúkọ mi àti ọjọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, àǹtí.