Báláǹsì bára mu, síbẹ̀ ìlà méje ti yẹ̀: ẹ sọ ohun tójú yín rí kí ẹ tó máa wo àwòrán sítétímẹ́ǹtì

Akọ̀wé Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Oṣù kejì mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ ìwé owó. Oníbàárà kan kó sítétímẹ́ǹtì báǹkì rẹ̀ fún wa, ojú ewé 3, wọ́n ti síkáànù rẹ̀. Mo gbé e sínú ẹ̀rọ tó máa ń yọ ìlà jáde láti inú àwòrán, ó sì to ìlà 64 fún mi. Ó mọ́ tónítóní, bí ẹni pé èèyàn ló jókòó tẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni mo pósìtì gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́jà.

Ìgbà tí mo fẹ́ fi lẹ́jà wé ti báǹkì lọ́rọ̀ yí padà. Báláǹsì ìparí tèmi fi 3,680.00 kéré sí tiwọn. Mo wá ìlà tó jẹ́ 3,680.00 títí, n kò rí i. Mo rò pé ìlà kan ló já bọ́, mo wá kà wọ́n: 64 nínú àwòrán, 64 lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá mi ló ní kí n pín in sí méjì. Ó di 1,840.00. Mo wá a, ó wà nísàlẹ̀ ojú ewé kejì: owó tí olùtajà kan dá padà fún oníbàárà wa. Ẹ̀rọ ti gbé e sí òpó owó tó jáde. Owó tó yẹ kó fi kún báláǹsì ló wá yọ kúrò nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ fi di ìlọ́po méjì.

Ìgbà yẹn ni mo tó fara balẹ̀ wo àwòrán. Bébà yẹn wọ́ nígbà tí wọ́n ń síkáànù rẹ̀. Lókè ojú ewé, iye kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ àkọlé òpó rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń fà sí òsì díẹ̀díẹ̀, títí iye tó wọlé fi bọ́ sábẹ́ òpó owó tó jáde. Àwọn tó jáde ládùúgbò ibẹ̀ kò yí padà, torí kò sí òpó owó mìíràn lápá òsì tí wọ́n lè bọ́ sí. Báláǹsì orí ìlà tó ṣáájú jẹ́ 12,415.00, ti ìlà náà jẹ́ 14,255.00. Ó gòkè! Kò tó ìṣẹ́jú kan tí mo fi rí i.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ká ní mo ti wò ó ṣáájú, ṣe ni n bá kàn gbé iye yẹn láti òpó kan sí òpó kejì. Ní báyìí ó ti wọ àkáǹtì olùtajà bí owó tí a san fún un. Mo ní láti kọ ìlà tó yí i padà, kọ ìlà tó tọ̀nà, kí n sì kọ àlàyé méjèèjì sílẹ̀ fún ẹni tó bá wá yẹ ìwé wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

Ọmọ Fọ́múlà

Pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kéèyàn máa fi ojú wo ìlà 64. Fọ́múlà kan ṣoṣo ni mò ń lò. D ni owó tó jáde, E ni èyí tó wọlé, F ni báláǹsì. Mo máa ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì fà á dé ìsàlẹ̀:

```
=ROUND(F2-D3+E3-F3,2)
```

Níbi tó bá ti jẹ́ 0, ìlà náà bá báláǹsì mu. Tìrẹ yẹn ìbá fún ọ ní -3680 lórí ìlà náà gan-an, o ò ní wá a kiri. Bí ìlà kan bá sì já bọ́, ìlà tó tẹ̀ lé e ló máa gbé iye èyí tó sọnù jáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti jẹ́ 0, mo pósìtì nìyẹn. N kì í ṣí àwòrán.

Ìyá Lẹ́jà

Fọ́múlà rẹ dára, Ọmọ Fọ́múlà, èmi náà ń lò ó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe pósìtì ìlà méje tí kò tọ̀nà nígbà tí gbogbo òpó yẹn jẹ́ 0.

Nínú sítétímẹ́ǹtì yẹn, báǹkì máa ń kọ àlàyé ìlà kan ní ìpele méjì nígbà míì: orúkọ ẹni tí a sanwó fún lókè, nọ́ńbà ìtọ́kasí lábẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìlà kò ní ju ìpele kan lọ. Ìlà 17 ní méjì. Ẹ̀rọ rò pé ìpele kejì yẹn jẹ́ àlàyé ìlà tuntun, ó sì so ó mọ́ owó ìlà 18. Àlàyé ìlà 18 wá bọ́ sórí owó ìlà 19, ti 19 bọ́ sórí 20, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ti ara wọn títí dé ìlà 24 tó kẹ́yìn lójú ewé. Àlàyé kan tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ kò rí owó tó máa dì mọ́, ẹ̀rọ sì dà á nù. Ojú ewé kejì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ pé, owó pé, báláǹsì pé. Orúkọ nìkan ló yẹ̀, fọ́múlà kò sì ka orúkọ.

Àwọn tó ń bá wa kó ẹrù ni wọ́n gba 2,150.00 lórí ìlà 19, olùtajà bébà gba 6,300.00 lórí ìlà 20. Nínú lẹ́jà mi, ẹlẹ́rù ló gba 6,300.00, olùtajà bébà sì gba 940.00, èyí tó jẹ́ owó ìlà 21. Ní ìparí oṣù, olùtajà bébà fi ìwé gbèsè tirẹ̀ wé tiwa, ó ní àwọn kò jẹ wá ní gbèsè kankan, àwa náà kò sì jẹ wọ́n. Lójú lẹ́jà mi, a ṣì jẹ ẹ́ ní 5,360.00. Àkáǹtì ẹlẹ́rù wá fi hàn pé a ti san 4,150.00 kọjá ohun tó yẹ. Bí kì í bá ṣe pé olùtajà bébà yẹn jẹ́ olóòótọ́, tó sì kọ̀wé, mo ti ń múra láti san gbèsè tí a ti san tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Àmì kan wà tí mo fojú fò. Àlàyé ìlà 18 jẹ́ nọ́ńbà lásán, kò ní orúkọ. Mo rò pé bí báǹkì ṣe kọ ọ́ nìyẹn, mo sì fi òye mú àkáǹtì kan fún un. Láti ìgbà náà, ìlà tí àlàyé rẹ̀ bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè àti ìsàlẹ̀.

Àbúrò mi Akọ̀wé Tuntun, bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo ṣí àwòrán sí apá kan ojú kọ̀ǹpútà, mo fẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè rí ìlà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Àwọn ìlà tí ẹ̀rọ yọ wà lápá kejì. Mo fi bébà bo àwòrán lábẹ́ ìlà tí mo ń wò, mo sì ka orúkọ pẹ̀lú owó papọ̀ sókè: ta ni, èló ni. Bí o bá ka òpó owó tán kó o tó wá ka òpó orúkọ, o kò ní rí irú èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi, torí òpó kọ̀ọ̀kan dá pé lọ́tọ̀.

Kó sì jẹ́ àwòrán tí oníbàárà fi ránṣẹ́ gan-an lo máa wò. Ẹ̀rọ míì máa ń fi ọ̀rọ̀ tó kà pamọ́ sábẹ́ àwòrán. Bí o bá fi máàsì yàn án, tó o sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ rò pé òun rí lo gbà, kì í ṣe ohun tó wà lórí bébà. Ẹ̀rọ lo fi ń wé ara rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Rìsíìtì

Ohun tí ẹ ń sọ yìí ni mo ti ń wí tipẹ́. Èmi máa ń kó gbogbo rìsíìtì jọ, mo sì fi wé sítétímẹ́ǹtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní rìsíìtì, kí ló tún fẹ́ fi àwòrán ṣe?

Bí mo ṣe rí àṣìṣe ọjọ́ kan nìyẹn. Rìsíìtì kan jẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ, lẹ́jà ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún. A fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọmọ tó sanwó náà jà.

Ìyá Lẹ́jà

Ẹ ṣeun, Bàbá. Iṣẹ́ tí rìsíìtì ń ṣe yàtọ̀ díẹ̀ o. Rìsíìtì ló ń sọ bóyá owó náà yẹ ní sísan, àwòrán ló ń sọ bóyá ohun tí báǹkì kọ ni a gbà. Owó tí báǹkì yọ fún iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ní rìsíìtì lọ́wọ́ wa, ibo la ó ti wá yẹ ìyẹn wò?

Ti ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì gan-an, inú mi dùn pé ẹ mú un wá. Báǹkì kọ 05/08, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tò pé kó máa ka oṣù ṣáájú ọjọ́ sì kà á sí oṣù karùn-ún. Ibi tí ẹ ó ti mọ̀ ni pé 13/08 kò lè di oṣù kẹtàlá, nítorí náà kò ní yí i padà, ó máa fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Bí ẹ kò bá tíì fi ọwọ́ to òpó ọjọ́ sápá kan, ẹ máa rí i pé àwọn ọjọ́ kan fara ti òsì, àwọn kan fara ti ọ̀tún. Àwọn tó fara ti ọ̀tún yẹn ni kí ẹ fi wé àwòrán.

Ọmọ Fọ́múlà

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. N kò ronú kan orúkọ rí. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan wà lọ́wọ́ mi tó ń kó ìlà tó lé ní 400 wá lóṣooṣù. Bí mo bá ń ka ìlà 400 sókè, iṣẹ́ wo ni mo tún fẹ́ ṣe? Ṣé kí n má kàn wo ìlà tó ní ìpele méjì, ìsàlẹ̀ ojú ewé, àti àwọn owó ńlá?

Ìyá Lẹ́jà

Fún ẹni tó ti mọ bí báǹkì yẹn ṣe ń kọ ìwé rẹ̀, bóyá. Fún oṣù kìíní pẹ̀lú báǹkì tuntun, gbogbo ìlà ni mo máa wò. Ti owó ńlá yẹn ni n kò fara mọ́. 940.00 kì í ṣe owó ńlá nínú ìwé yẹn, òun ló sì bo 6,300.00 mọ́lẹ̀.

Ọmọ Fọ́múlà

Ọkàn mi kò tíì balẹ̀ sí i pé gbogbo ìlà ṣeé ṣe. Mo máa gbìyànjú rẹ̀ lórí ojú ewé méjì àkọ́kọ́ ná.

Akọ̀wé Tuntun

Mo ti gbé sítétímẹ́ǹtì mi yẹn padà ṣí, mo sì ń fi bébà bò ó bí Ìyá ṣe wí. Mo ti dé ìlà 37. Àlàyé rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà nìkan, nínú àwòrán sì rèé, orúkọ ilé iṣẹ́ kan ló wà níwájú owó yẹn. Ìlà 38 náà kò bára mu. N kò tíì mọ ibi tó ti máa tún tò padà. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi, a kò ní pósìtì ti oṣù yìí títí n ó fi kà á dé ìlà 64.