Fídíò tí mo ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun kọ́ wọn ní àṣìṣe. Báwo ni kí n ṣe tún un tò?

Ìyá Ìbejì Olóògùn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé oògùn ni mo ní n'Ìbàdàn, òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mo ṣe fídíò oníṣẹ́jú 14 fún àwọn tuntun nípa bí a ṣe ń gba ọjà wọlé. OBS ni mo fi gba ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀, mo sì fi fóònù ya ibi tí a ti ń tú páálí. Mo kó gbogbo ti kọ̀ǹpútà síwájú, mo kó ti ọwọ́ sẹ́yìn, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọrùn fún mi láti lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ tuntun kan tẹ páálí 20 oògùn ibà sínú kọ̀ǹpútà, bó ṣe wà nínú ínfọ́ìsì. Ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ tán ló tó lọ kà á, 18 ló bá níbẹ̀. Awakọ̀ tó gbé e wá ti lọ. Mo bi í léèrè, ó ní, "Mà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é nínú fídíò." Ó dùn mí, torí òótọ́ ló sọ.

Ṣé kí n pín ojú fídíò sí méjì ni, kí kọ̀ǹpútà wà lápá kan, kí ọwọ́ wà lápá kejì? Orí fóònù ni wọ́n ti ń wò ó. Ohun kejì: nínú èyí tí mo fi fóònù yà, tó bá ti pẹ́ díẹ̀, ohùn mi kì í bá ẹnu mi mu mọ́.

Bọ̀dá Amúkámẹ́rà:
Ẹ pín in sí méjì, mà, ojú á rí ohun méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ohùn yẹn, máìkì ló bàjẹ́, ẹ ra òmíràn. Ẹ sì dá fóònù dùbúlẹ̀ tí ẹ bá ń yà á, kó lè bá ojú kọ̀ǹpútà dọ́gba.

Olùkọ́ Iṣẹ́:
Ọ̀rọ̀ dídá fóònù dùbúlẹ̀ yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ má pín ojú rẹ̀, mà. Tí ojú kọ̀ǹpútà bá di ìdajì lórí fóònù, kò sẹ́ni tó máa lè ka nọ́ńbà inú rẹ̀.

Ẹ má tíì ṣí ibi tí ẹ ti ń gé fídíò. Lọ́jọ́ tí ọjà bá dé, ẹ dúró ti òṣìṣẹ́ yín tó mọ̀ ọ́n jù, kí ẹ máa kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Mo rò pé ẹ máa rí i pé ó gba ínfọ́ìsì lọ́wọ́ awakọ̀, ó ka páálí lójú awakọ̀, ó wo ọjọ́ tí oògùn máa parí, ó kọ iye tó kà sára ínfọ́ìsì, awakọ̀ sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ tán ló máa kó o sórí pẹpẹ, èyí tó máa tètè parí síwájú. Ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá kọ ni ègé fídíò kan. Ẹ sọ wọ́n lórúkọ báyìí:

```
010_gba_infoisi.mp4
020_ka_paali.mp4
030_wo_ojo.mp4
040_ko_iye.mp4
050_te_iye.mp4
```

Mo fi mẹ́wàá-mẹ́wàá fò wọ́n kí ẹ lè ti 025 bọ àárín tí ẹ bá rántí nǹkan.

Ibi tí ọwọ́ ti ń fi iṣẹ́ lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ló léwu. Ẹ jẹ́ kí ègé 040 parí sórí "18" tí bírò kọ sára ínfọ́ìsì, gbangba, fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Kí 050 bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tẹ 18 yẹn gan-an. Ẹni tó ń wò ó á rí ibi tí nọ́ńbà náà ti wá, kò ní wá a nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ínfọ́ìsì.

Kí ẹ tó gba ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ẹ lọ sí Settings > System > Display, ẹ gbé Scale sí 150%. Ọjà àdánwò ni kí ẹ tẹ̀, kí orúkọ oníbàárà kankan má hàn.

Ti ohùn, kì í ṣe máìkì. Iye àwòrán tí fóònù ń yà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kì í dúró lójú kan, ìyẹn ló sábà máa ń mú kí ohùn àti ẹnu pínyà tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Kí ẹ tó gé e, ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ HandBrake yí i padà: ní abẹ́ Video, ẹ mú 30 àti Constant Framerate. Ẹ má pa ojúlówó rẹ̀ rẹ́.

Àǹtí Olóúnjẹ:
Èmi náà ní irú ìṣòro yìí! Fídíò ìdáná tí mo fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ mi lórí Wásáàpù kò hàn kedere mọ́ rárá. Ṣé HandBrake á tún un ṣe?

Olùkọ́ Iṣẹ́:
Rárá, Àǹtí, ìyẹn yàtọ̀. Wásáàpù ló fún un pọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document.

Ìyá Ìbejì Olóògùn:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi HandBrake ṣe ègé kan, ohùn ti bá ẹnu mu. Ṣé kí n wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni, àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan?

Olùkọ́ Iṣẹ́:
Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ojú ètò kọ̀ǹpútà yín bá yí padà, 050 nìkan lẹ máa tún yà.

Bọ̀dá Amúkámẹ́rà:
Mi ò fara mọ́ ìyẹn. Tí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ á fo 020, wọ́n á wo ti kọ̀ǹpútà nìkan. Àṣìṣe àkọ́kọ́ náà ni ẹ padà sí yẹn.

Ìyá Ìbejì Olóògùn:
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ òótọ́ lójú tèmi. Ọjà máa dé ní Ọjọ́bọ̀. Màá fi èyí tí mo so pọ̀ han ọmọ kan, màá fi ti ọ̀kọ̀ọ̀kan han èkejì, màá dúró tì wọ́n láìsọ̀rọ̀, màá sì kọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti dúró wòye sílẹ̀. Mo máa padà wá sọ ohun tí mo rí.