Ó fi ọdún 22 jù mí lọ, bàbá mi ní àwọn ò gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹni ọdún 27 ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí n'Íbàdàn. Ọkùnrin tí mò ń fẹ́ jẹ́ 49, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ìyàwó àkọ́kọ́ ti kó jáde tipẹ́, ọmọ mẹ́ta ló bí fún un, àkọ́bí wọn ti pé 23. Ó ń tọ́jú mi, ó ń gbọ́ tèmi, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ẹ má rò pé owó ni mò ń wò o. Bàbá mi jẹ́ 54, wọ́n ní ọdún márùn-ún péré làwọn fi ju ẹni tó fẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ fáwọn, pé lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àwọn ò ní sí nílé. Mọ́mì mi ní tiwọn ní àwọn ò fẹ́ kí n dopó ní kékeré. Èmi fẹ́ bí ọmọ mẹ́ta, òun ní ẹyọ kan ti tó. Kí ni kí n sọ fún bàbá mi?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, fi wọ́n sílẹ̀. Èmi yìí fi ọdún 6 ju ọkọ mi lọ, ìyá ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi bí àwọn ìbejì, ní báyìí ilé mi ni wọ́n ń gbé. Ìfẹ́ ni kó o wò.

Akin Ọmọ Ìjẹ̀bú: Màmá, tiwọn yàtọ̀ sí tiyín o, ọkùnrin ló dàgbà níbí. Sìsítà, jẹ́ kó san owó orí níṣojú mọ̀lẹ́bí ẹ, tó bá ti san án ìyàwó ilé ni ẹ́, ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀ ìdajì dúkìá ẹ̀ tìẹ ni.

Àǹtí Kóòtù: Akin, òótọ́ ni pé owó orí ti sọ ọ́ dìyàwó, àmọ́ ti ìdajì yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ àṣà tiwa, tí ọkọ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, àwọn ọmọ ló ń jogún, ìyàwó ò sí nínú ẹ̀. Sìsítà, ká ní o bí ọmọ kan fún un: tí ẹbí bá pín in ní ìdí-igi, ìdí méjì ló wà, ọmọ tìẹ nìkan á gba ìdajì, àwọn mẹ́ta tọ̀hún á pín ìdajì tó kù, bí ìyá wọn tiẹ̀ ti kó jáde. Tí wọ́n bá pín in ní orí-òjorí, ìdá kan nínú mẹ́rin lọmọ ẹ máa rí, ọmọkùnrin àgbà sì ni dáwódù tó máa mójú tó ilé tẹ́ ẹ jọ ń gbé. Ohun tí ìyá ẹ ń bẹ̀rù nìyẹn, bí wọn ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n á ṣe sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìgbéyàwó rejísìrì, òfin mọ ìyàwó mọ́ àwọn tó ń jogún. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ pé kẹ́ ẹ lọ síbẹ̀, báwo lòun àti ìyàwó àkọ́kọ́ ṣe ṣègbéyàwó, ibo ni wọ́n sì ti tú wọn ká?

Ẹni tó béèrè: Sọ́ọ̀ṣì ni, wọ́n gba sàtífíkéètì. Ó ní kóòtù ìbílẹ̀ ló tú àwọn ká.

Àǹtí Kóòtù: Hẹ̀n-ẹ́n. Tí sàtífíkéètì yẹn bá jẹ́ tòfin ìjọba, kóòtù ìbílẹ̀ ò lágbára láti tú u ká, Hàì Kọ́ọ̀tù nìkan ló lè ṣe é. Adájọ́ á kọ́kọ́ fún wọn ní dìkíríì náísáì, ìyẹn àṣẹ ìtúká tí ò tíì fìdí múlẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ló ń di àbúsólúùtù, tó máa wá fìdí múlẹ̀ pátápátá. Títí dìgbà yẹn ọkọ ìyàwó àkọ́kọ́ ṣì ni lójú òfin, tí ìwọ náà bá wá bá a wọ rejísìrì, ìgbéyàwó tìẹ ò dúró. Ní kó fi sàtífíkéètì yẹn hàn ẹ́. Tó bá sọ pé òun ti lọ Hàì Kọ́ọ̀tù, kó gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù.

Bàbá Adúgbò: Ọmọ mi, ti ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, àna làna ń jẹ́, kódà ká ní ọkùnrin náà ju bàbá ẹ lọ á dọ̀bálẹ̀. Mo rò pé ìtìjú lójú àwọn ọ̀rẹ́ wọn ló ń bá wọn jà. Má lọ sọ ohunkóhun fúnra ẹ, bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ kan tí wọ́n máa ń gbọ́ tiẹ̀ lẹ́nu. Àmọ́ èyí tó ká mi lára jù ni ti ọmọ. Ọdún wo ló wọ iṣẹ́ ìjọba?

Ẹni tó béèrè: Ó jẹ́ 23 nígbà yẹn sà. 60 ni wọ́n ń fẹ̀yìn tì àbí?

Bàbá Adúgbò: 60, àbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ó máa pé 35 nígbà tó bá di 58, ìyẹn ọdún 9 sí àsìkò yìí. Tó o bá bímọ lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ yẹn ṣì máa wà ní pírámárì tí owó oṣù á fi dúró, tí ìwọ á sì jẹ́ 36, lẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí tó fi ní ẹyọ kan nìyẹn, ó ti ṣírò ẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe pé kò nífẹ̀ẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ mẹ́ta lo fẹ́ lóòótọ́, má gbà láti fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ dìgbà tẹ́ ẹ bá dénú ilé.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin náà ẹ máa dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ Ọlọ́run ni, á bí mẹ́ta.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti pè é, ó ní sàtífíkéètì náà wà lọ́wọ́ ìyàwó àkọ́kọ́, pé kí ló dé tí mo fi ń béèrè. Àǹtí, ṣé mo lè lọ wo àkọsílẹ̀ ẹ̀ ní sọ́ọ̀ṣì fúnra mi láìjẹ́ pé ó mọ̀?