Bí a ṣe sọ fún oníbàárà pé owó máa lé: ìrírí wa ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Alágbàfọ̀ Lágere, Ilé-Ifẹ̀

Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ààrẹ tuntun kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti tán, bẹntiróòlù tí kò tó náírà 200 ní lítà kan di ohun tó ju 500 lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ la fi ń lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi, torí iná kì í dúró. Mo mọ̀ pé owó gbọ́dọ̀ lé, àmọ́ n ò fẹ́ kí oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó bá wá kó aṣọ rẹ̀.

Ìṣirò ni mo kọ́kọ́ jókòó ṣe. Ṣẹ́ẹ̀tì kan àti ṣòkòtò kan, náírà 500 là ń gbà. Nínú rẹ̀, epo ń jẹ 90, ọṣẹ àti sítáàṣì 80, owó òṣìṣẹ́ 150, owó ṣọ́ọ̀bù àti omi 80. Ohun tó ń ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́ jẹ́ 100. Nígbà tí epo fò sókè, 90 di 240, ọṣẹ náà di 100. Iṣẹ́ tó ń ná mi ní 400 di 570. Epo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ iṣẹ́ mi di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ epo kẹ́wọ́, tó sọ 500 di 1,000, àwọn tó mọ ìṣirò máa bi í, Ifẹ̀ sì kún fún wọn. Mo fi tèmi sí 650.

Àyè tí màá fún wọn ló gbà mí lérò jù. Bí mo bá ṣì ń gba 500, náírà 70 ni mò ń pàdánù lórí ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò kọ̀ọ̀kan. Bí irú rẹ̀ 100 bá wọlé lọ́sẹ̀, 7,000 ti lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni agbára mi gbé. Mo kéde ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, mo sì ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ni owó tuntun máa bẹ̀rẹ̀. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà lọ́dún yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí aṣọ ọdún bọ́ sínú owó àtijọ́.

Kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, mo pe àwọn tí aṣọ wọn pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi lórí fóònù, títí kan ilé àlejò kan. Irú wọn kò yẹ kó jọ gbọ́ ọ pẹ̀lú gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ni mo fi èyí ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ oníkálukú:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje, fífọ̀ àti lílọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò yóò di náírà 650 dípò 500. Epo tí a fi ń lọ aṣọ ló wọ́n jù, ọṣẹ náà sì ti gbówó lórí. Aṣọ tí a kì í lọ̀, bíi tówẹ̀lì àti bẹ́ẹ̀díṣíìtì, iye rẹ̀ kò yí padà. Gbogbo aṣọ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa títí di alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, owó àtijọ́ ni, kódà bí ẹ bá wá kó o lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ẹni tó ti sanwó sílẹ̀, a ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán ní iye tí a jọ fohùn sí. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ pè mí. Ẹ ṣeun tí ẹ ń gbé aṣọ yín fún wa. Ẹ kú ìmúra ọdún, Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe é láyọ̀."

Ọ̀rọ̀ tówẹ̀lì yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́, torí wọ́n rí i pé ibi tí epo ti wọ̀ ọ́ nìkan ni mo fọwọ́ kàn.

Oníbúrẹ́dì, Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi ò gbà pé èèyàn gbọ́dọ̀ fún wọn láyè tó bẹ́ẹ̀. Mo fún àwọn tó ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ méjì nígbà kan, ni wọ́n bá ń gba ìlọ́po ohun tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Fúláwà tí mo rà lówó tuntun ni mo fi ń ṣe búrẹ́dì owó àtijọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Ẹ kàn to gbogbo ìdí sílẹ̀, fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, dọ́là, ọ̀nà tó bàjẹ́, kí wọ́n mọ̀ pé ìyà ń jẹ wa.

Alágbàfọ̀ Lágere

Ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà lórí búrẹ́dì, ẹ̀yin ìyá wa. Búrẹ́dì ṣeé kó jọ fún ọjọ́ díẹ̀, aṣọ tó dọ̀tí kò ṣeé kó jọ ju èyí tí èèyàn wọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lè fún wọn láyè, kí ẹ sì dé e: kí oníkálukú gba iye tó máa ń gbà tẹ́lẹ̀ lówó àtijọ́, kí àlékún jẹ́ owó tuntun. Èmi náà kò gba owó àsansílẹ̀ tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ní ti ìdí, méjì ti tó. Bí ó bá ti di mẹ́fà, ó di ẹkún, èyí tí wọ́n lè jiyàn lé lórí ni wọ́n á sì mú.

Ayálégbé, Mọ̀dákẹ́kẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé onílé náà lè lo irú lẹ́tà yìí? Tèmi kàn kọ iye tuntun sára ògiri ni o. Kò sọ ìdí, kò sọ ìgbà.

Bàbá Aláṣọ, Iléṣà

Ọmọ mi, ti ilé yàtọ̀, àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí ni kí o lọ kà. Ọjà là ń sọ níbí.

Ohun tí ẹ ò tíì dárúkọ ni àwọn tó jẹ gbèsè. Ìdílé òṣómàáló ni mo ti wá, àwọn bàbá wa máa ń gbé aṣọ káàkiri, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á sì padà lọ gbowó díẹ̀díẹ̀. Iye tí ẹ jọ sọ lọ́jọ́ tó gbé aṣọ, òun ni yóò san títí tí gbèsè á fi tán, bí ọjà ìbáà ti di wúrà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìkéde yín bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, ẹni tó jẹ yín á máa sá fún yín, torí ó rò pé tòun náà ti lé.

Télọ̀, Ìṣọ̀kùn

Ẹ ṣé, bàbá. Èmi ní aṣọ ẹbí lọ́wọ́. Àwọn kan san ìdajì sílẹ̀, kí òwú àti sítáì tó wọ́n. Tiwọn yé mi wàyí. Àwọn tó kàn wọnra wọn, tí wọn ò sì san nǹkan kan ńkọ́?

Alágbàfọ̀ Lágere

Tèmi ni pé ẹ dá ọjọ́ kan fún wọn láti san ìdajì. Ẹni tó bá san kí ọjọ́ náà tó pé, owó àtijọ́. Wíwọn ara nìkan kì í ṣe àdéhùn.

Oníbúrẹ́dì, Iléṣà

N ò rò bẹ́ẹ̀. Aṣọ ẹbí kan náà, ìnáwó kan náà, kí ẹnìkan san kékeré, kí èkejì san ńlá? Wọ́n á jọ sọ ọ́ níbi àríyá ni. Kó gba iye kan lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Alágbàfọ̀ Lágere

Ìyẹn náà le. Ó rán mi létí màmá kan tí wọ́n ti ń gbé aṣọ wá látìgbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ń jẹ. 500 ni mo ṣì ń gbà lọ́wọ́ wọn, ọmọ iṣẹ́ mi sì ní kò dára bí ẹlòmíì bá gbọ́.

Bàbá Aláṣọ, Iléṣà

Gba 650, kí o fi ẹ̀dínwó 150 hàn nínú rìsíìtì. Kí wọ́n mọ iye tí iṣẹ́ náà jẹ́.

Alágbàfọ̀ Lágere

Màá rò ó, bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má rí i bí ẹni pé mò ń ka oore sí wọn lọ́rùn.