Ẹ̀kán ìrì lórí ẹtù: ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ayàwòrán

Aláṣọ Ìṣẹ́yìn: Mo fẹ́ àwòrán ẹtù tí a sún mọ́ débi pé èèyàn lè ka òwú rẹ̀, kí ẹ̀kán ìrì kan wà lórí rẹ̀. Mo tẹ "macro photo of aso oke with dew" fún ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ohun tí a bá kọ fún un. Súwẹ́tà ló gbé jáde! Ẹ̀ẹ̀kejì, ó gbé aṣọ tó ní ìlà bíi ti àǹkárá wá, kò sí òwú kankan níbẹ̀. Ìgbà tí mo fi orúkọ aṣọ sílẹ̀, tí mo sọ bí a ṣe ń hun ún, ló tó ṣe é. Nínú òfì tiwa, òwú tó nà gbọọrọ ló máa ń bo èyí tí a ń jù kọjá láàárín rẹ̀. Ohun tí mo wá tẹ̀ nìyí:

```
extreme close-up, warp-faced plain weave,
indigo cotton, thin pale stripes,
two narrow strips sewn edge to edge,
one dewdrop sharp, cloth far behind it blurred
```

Bọ̀dé: Màmá, f/1.4, ìyẹn nọ́ńbà bí ojú lẹ́ǹsì kámẹ́rà ṣe là tó, ni kí ẹ fi kún un. Bí nọ́ńbà yẹn bá ti kéré, ẹ̀yìn á di bàìbàì.

Ìyá Ṣadé: Fóònù wo lẹ fi yà á? Èèrà lèmi fẹ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ẹ̀rọ fún un ní ẹsẹ̀ méje, méjì sì ti inú ikùn jáde! Mo kọ "six legs, all from the thorax", síbẹ̀ ó ń ṣì í nígbà mìíràn.

Ojú Lẹ́ǹsì: Ìyá Ṣadé, wọn kò fi fóònù yà á, ọ̀rọ̀ ni wọ́n tẹ̀. Bọ̀dé, òótọ́ lo sọ tó bá jẹ́ kámẹ́rà. Mo ti ya èèrà ní f/2.8, kí àwòrán rẹ̀ tóbi tó èèrà fúnra rẹ̀ lórí fíìmù. Ibi tó mọ́ kedere kò tó mìlímítà 1. Ojú rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò ní lẹ́ǹsì, kò sì wọn nǹkan kan. Ẹ sọ ohun tó gbọ́dọ̀ mọ́ àti ohun tó gbọ́dọ̀ di bàìbàì, bí Màmá ṣe ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí ìdí ẹ̀kán ìrì bá mọ́, tí òwú tó jókòó lé di bàìbàì, irọ́ ni. Òwú tó wà lábẹ́ omi náà gbọ́dọ̀ hàn tóbi ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ.

Aláṣọ Ìṣẹ́yìn: Mo padà wò ó. Òwú abẹ́ omi kò tóbi rárá, ṣe ló dàrú. Màá tún un tẹ̀.

Àkànní: Ẹ dárí jì mí o. Ṣé ìrì tiẹ̀ máa ń dúró roboto lórí òwú ni? Aṣọ tí mo sá síta mọ́jú, ṣe ló mu ún.

Aláṣọ Ìṣẹ́yìn: Èyí tí a ti fọ̀ máa ń mu ún lóòótọ́. Tuntun tí a fi ẹ̀kọ le òwú rẹ̀ ńkọ́? Màá tẹ́ ọ̀kan síta lálẹ́ òní.