Fóònù mi ń háńgì: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́?

Ìyá Aránṣọ, Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Fóònù Android tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti ń háńgì: n ó fọwọ́ kàn án, kò ní dáhùn, nígbà mìíràn yóò sì kú, yóò tún tan ara rẹ̀. Ẹni tí mo gbé e lọ bá ní Ọjà Ọba ní òun yóò pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, kí ó lè dà bí ìgbà tí mo rà á. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí pé inú WhatsApp ni ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi wà, n kò sì kọ ọ́ síbòmíràn. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?

Ọmọ Oǹdó
Ẹ jẹ́ kí ó pa á rẹ́, mà. Inú síìmù ni nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín wà, kò sí ohun tí yóò ṣe wọ́n. Bí ẹ bá sì ti fi nọ́ńbà yín wọ WhatsApp padà, gbogbo ọ̀rọ̀ yóò padà wá fúnra rẹ̀.

Atúnfóònùṣe, Àkúrẹ́
Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń ṣe é. Ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń pa fóònù mọ́lẹ̀ títí tí Power off yóò fi hàn, kí ẹ wá fi ìka tẹ Power off yẹn gan-an mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi bi yín bóyá ẹ fẹ́ wọ Safe mode. Bí ẹ bá gbà, fóònù yóò tan padà, ẹ ó sì rí Safe mode ní igun ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀. Àwọn áàpù tó bá fóònù wá nìkan ni yóò ṣiṣẹ́. WhatsApp kò ní ṣí, ṣùgbọ́n kò sọnù. Ẹ fi pe ènìyàn, ẹ fi ya àwòrán, fún wákàtí bíi mélòó kan. Bí kò bá háńgì, ọ̀kan nínú àwọn áàpù tí ẹ fúnra yín gbé sórí rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Bí ó bá ṣì ń háńgì, ó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ ti kún, tàbí kí ó jẹ́ àìsàn ara fóònù. Bí ẹ bá pa á, tí ẹ sì tún un tàn, yóò kúrò nínú Safe mode.

Olùkọ́ Àgbà, Oǹdó
Tèmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti fẹ́ wo fídíò, yóò kàn máa yí róbótó ni, pàápàá ní alẹ́.

Atúnfóònùṣe, Àkúrẹ́
Ẹ̀gbọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn, sà. Bí ẹ bá lè padà sẹ́yìn kí ẹ ṣí nǹkan mìíràn, fóònù yín kò háńgì.

Ìyá Aránṣọ, Àkúrẹ́
Mo ṣe é. Kò háńgì rárá nínú Safe mode. Nígbà tí mo jáde, ó tún bẹ̀rẹ̀. Áàpù kan tó ní òun ń kó ìdọ̀tí inú fóònù ni mo gbé sórí rẹ̀ kẹ́yìn. Mo yọ ọ́ kúrò, ara rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí àwòrán, ó ṣì máa ń dúró. Mo rí i pé nínú 32 GB, ó kù díẹ̀ kó kún.

Atúnfóònùṣe, Àkúrẹ́
Kíkún yẹn jẹ́ apá kan àìsàn náà. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ tọ́jú WhatsApp. Ẹ wọ Settings inú WhatsApp, lẹ́yìn náà Chats, lẹ́yìn náà Chat backup. Ẹ wo ímeèlì Google tó wà níbẹ̀ àti ọjọ́ tí ó ti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ gbẹ̀yìn, kí ẹ wá tẹ Back up, kí ẹ sì dúró títí yóò fi parí. Àbúrò tó ní nọ́ńbà nìkan ti tó kò sọ ọ́ tán: ohun tí ẹ bá fi pamọ́ ni WhatsApp yóò dá padà, ó sì fẹ́ nọ́ńbà kan náà àti ímeèlì kan náà. Ẹ tún ṣí orúkọ kan nínú Contacts kí ẹ wo ibi tí ó wà, nítorí pé ara fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ ọ́ sí láìmọ̀. Ẹ rí i dájú pé ẹ rántí ọ̀rọ̀ ìwọlé ímeèlì yẹn, torí pé fóònù lè béèrè rẹ̀ lẹ́yìn factory reset, ìyẹn pípa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, bí ẹ kò bá sì rí i, kò ní jẹ́ kí ẹ wọlé.

Ìyá Aránṣọ, Àkúrẹ́
Ó ń sọ pé àyè kò tó, ọjọ́ tó wà níbẹ̀ sì ti pẹ́.

Atúnfóònùṣe, Àkúrẹ́
15 GB ni Google ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ímeèlì àti àwòrán yín sì ń pín in. Ẹ pa Include videos, kí ẹ tún tẹ Back up. Àwọn ìwọ̀n náà, ẹ kó àwòrán wọn sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ níbẹ̀ láti mọ̀ pé wọ́n dé.

Ìyá Aránṣọ, Àkúrẹ́
Ó ti parí, ọjọ́ òní ló hàn. Mo ti kó fídíò kúrò, fóònù sì ń yára. Ṣé kí n ṣì pa á rẹ́?

Ọmọ Oǹdó
Ẹ pa á rẹ́, mà, yóò tún padà.

Atúnfóònùṣe, Àkúrẹ́
Èmi kò ní pa á rẹ́ báyìí. Bí ó bá tún háńgì nínú Safe mode, a ó ṣe é, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó kó gbogbo áàpù àtijọ́ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá ń háńgì lẹ́yìn ìyẹn láìsí áàpù kankan lórí rẹ̀, ẹ gbé e wá kí a wo bátìrì àti inú rẹ̀, torí pé pípa á rẹ́ kò lè wo ìyẹn sàn.